Ọ̀rọ̀ Tí Excel Kò Mọ̀: Ohun Tó Ń Mú #NAME? Yọjú

Nígbà tí táàmù bá ń parí lọ, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń kó máàkì àwọn ọmọ sínú Excel kí kọ̀ǹpútà lè bá wọn ṣírò rẹ̀. Ká ní ogójì ọmọ láti JSS1 àti JSS2 ló jọ ṣe ìdánwò kan. Orúkọ wọn wà ní òpó A, kíláàsì wọn wà ní òpó B, máàkì wọn sì wà ní òpó C, láti ìlà kejì dé ìlà 41. Ẹni tó bá gba 40 sókè ti yege. Olùkọ́ wọn fẹ́ kí òpó D sọ ẹni tó yege àti ẹni tó kùnà, ló bá kọ fọ́múlà yìí sínú àpótí D2, ó sì fà á sọ̀kalẹ̀ dé D41:

```
=IF(C2>=40,"Yege",Kuna)
```

Yege ló kún òpó náà. Ṣùgbọ́n níwájú orúkọ ọmọ mẹ́ta, #NAME? ló jókòó síbẹ̀, àwọn mẹ́ta yìí náà sì ni máàkì wọn kò tó 40.

Bí Excel ṣe ń ka fọ́múlà ló fà á. Ọ̀rọ̀ tó bá wà láàárín àmì àyọlò, bíi "Yege", kò ní yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Bó ṣe wà ni yóò ṣe gbé e jáde. Èyí tí kò bá ní àmì àyọlò ni yóò wádìí. Ṣé fọ́nkṣàn ni, irú bíi SUM tàbí IF? Ṣé àdírẹ́sì àpótí ni, irú bíi C2? Ṣé orúkọ tí ẹnì kan ti fún àwọn àpótí kan ni? Kuna kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tí Excel wá a tì, ó kọ #NAME? láti fi hàn pé orúkọ kan wà níbẹ̀ tí òun kò mọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ mẹ́ta péré? Ìdí ni pé IF kì í ka apá méjèèjì. Bí máàkì bá tó 40, apá àkọ́kọ́ ló máa ń lò, kò sì ní dé ibi tí Kuna wà. Èyí ni pé bí gbogbo ọmọ bá yege ní táàmù yìí, àṣìṣe náà yóò sá pamọ́ síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọ kan bá kùnà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olùkọ́ fi 40 sínú C2 wò, kó sì fi 39 wò, kó tó fa fọ́múlà sọ̀kalẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kó kọ ọ́ báyìí lọ:

```
=IF(C2>=40,"Yege","Kuna")
```

Nígbà mìíràn, àmì àyọlò wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí Excel mọ̀. Bí wọ́n bá da fọ́múlà kọ láti inú Word tàbí láti orí fóònù, àmì náà lè ti tẹ̀ kọdọrọ bíi ti inú ìwé. Excel kì í ka àmì tó tẹ̀ sí àmì àyọlò, nítorí náà #NAME? yóò tún yọjú. Kí olùkọ́ pa á rẹ́, kó fi kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà rẹ̀ tẹ òmíràn sínú Excel fúnra rẹ̀.

Àṣìkọ orúkọ fọ́nkṣàn rọrùn láti mú ju èyí lọ. Ẹni tó bá ń wá ìpíndọ́gba máàkì, tó sì kọ AVERGE dípò AVERAGE, lè wò ó títí kó má rí lẹ́tà tó fò. Ọgbọ́n kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lo Excel mọ̀: kí wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ fọ́múlà.

```
=averge(c2:c41)
```

Bí wọ́n bá ti tẹ Enter, Excel yóò sọ gbogbo ohun tó bá dá mọ̀ di lẹ́tà ńlá. c2:c41 yóò di C2:C41, ṣùgbọ́n averge yóò kù sílẹ̀ bó ṣe wà, ibẹ̀ sì ni kí wọ́n tún ṣe.

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lo Excel lédè Faransé, fọ́nkṣàn tí akọ̀wé kọ dáadáa gan-an lè di àjèjì. SOMME ni SUM níbẹ̀, SI ni IF, #NOM? sì ni àṣìṣe náà ń jẹ́. Fáìlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn yóò yí orúkọ fọ́nkṣàn padà fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ṣí i ní Pọtonófò. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ SUM sínú Excel Faransé ni yóò bá #NOM? pàdé.

Ọ̀nà kẹta jẹ mọ́ orúkọ tí èèyàn fún àwọn àpótí. Olùkọ́ wa lè fi máòsì yan C2 dé C41, kó lọ sí àpótí orúkọ tó wà lókè lápá òsì, kó kọ Maaki síbẹ̀, kó sì tẹ Enter. Láti ìgbà náà lọ, =AVERAGE(Maaki) yóò ṣiṣẹ́. Enter yẹn ló ṣe pàtàkì: bí ó bá kọ orúkọ náà tán tó kàn fi máòsì tẹ ibòmíràn, orúkọ náà kò ní dúró. Bí ó bá sì kọ Maki lẹ́yìn náà, tàbí tí ẹnì kan pa orúkọ náà rẹ́, #NAME? ni yóò rí. Ctrl+F3 yóò ṣí Name Manager, níbi tí gbogbo orúkọ inú fáìlì náà wà. Bí ó bá sì ń kọ fọ́múlà lọ́wọ́, F3 yóò kó wọn jáde kó lè mú èyí tó fẹ́, kò sì ní sí pé ó ṣì í kọ.

Ìgbà tí #NAME? kò bá yọjú rárá gan-an ló burú jù. Ká ní olùkọ́ náà fẹ́ mọ iye ọmọ JSS1 tó ṣe ìdánwò, ó sì kọ ọ́ báyìí:

```
=COUNTIF(B2:B41,JSS1)
```

Òdo ni Excel yóò dá a lóhùn, láìsí àmì àṣìṣe kankan. Láti Excel 2007 ni òpó ojú ìwé ti di 16,384, tó parí sí XFD. JSS wà lára wọn. JSS1 wá di àdírẹ́sì àpótí òfìfo kan tó jìnnà réré lápá ọ̀tún, òun ni Excel sì lọ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni SS1, SS2 àti SS3. Lẹ́tà kékeré kò lè tú àṣírí èyí, nítorí jss1 náà yóò di JSS1. Àwọ̀ ló ń tú u: bí wọ́n bá tẹ F2 lórí fọ́múlà náà, JSS1 yóò gba àwọ̀ bíi ti B2:B41. Tó bá wà nínú àmì àyọlò, kò ní gba àwọ̀ àdírẹ́sì.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí #NAME?, IFERROR ni wọ́n fi ń bò ó:

```
=IFERROR(IF(C2>=40,"Yege",Kuna),"")
```

Ojú ìwé yóò mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfìfo ni yóò wà níwájú àwọn ọmọ mẹ́ta tó kùnà, ẹni tó bá sì gba ìwé náà lè rò pé wọn kò ṣe ìdánwò. Àṣà tó léwu ni, pàápàá nínú èsì ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akọ̀wé, kí ẹ tó tẹ èsì jáde, ẹ tẹ F5, ẹ yan Special, ẹ yan Formulas, kí ẹ fi àmì sí Errors nìkan. Excel yóò yan gbogbo àpótí tó ní àṣìṣe lójú ìwé náà, kí ẹ lè tún wọn ṣe láti ìdí.