Àmì Abẹ́ Lẹ́tà Nínú Kíkọ Ọ̀rọ̀ Hébérù fún Òǹkàwé Yorùbá

Nínú àkọtọ́ àwọn onímọ̀, ṣedeq ni ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí òdodo. Lẹ́tà sádè ni ṣ yìí dúró fún. Ts ni wọ́n ń pè é lónìí. Òǹkàwé Yorùbá yóò pè é bí ṣ inú aṣọ, bẹ́ẹ̀ š ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ ìró yẹn, bí i nínú šālôm. Tsedek àti ṣalom ló yẹ òǹkàwé gbogbogbòò. Àmọ́ ọ̀nà ìrọ̀rùn yìí ń pa ìyàtọ̀ kan rẹ́: qôl (ohùn) àti kōl (gbogbo) yóò di kol kan náà. Níbi tí àlàyé bá ti dá lórí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, àkọtọ́ onímọ̀ ni kí òǹkọ̀wé lò, kí ó sì kọ́kọ́ sọ pé ṣ ibẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá.