Owó Ọjà, Owó Ẹbí: Ìwé Tí Ẹni Tó Ń Tajà Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì Gbọ́dọ̀ Ní

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn tí mo ti kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ rí wá bá mi nílé, ní Àjà-Wẹrẹ. Ọṣẹ dúdú ni ó ń ṣe. Àdí agbègbè wa ni ó fi ń ṣe é. Ó ń gbé àwòrán rẹ̀ sórí Fesibúùkù àti Wásáàpù, àwọn oníbàárà ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu a sì fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní: «Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ owó-orí yìí. 1.450.000 sẹ́fà ni ó wọ fóònù mi lọ́dún tó kọjá. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni kí n kéde?»

Ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ó ti ṣe é lórí monentreprise.bj. Ibẹ̀ ni ó ti gba nọ́mbà RCCM, tó fi hàn pé òfin mọ̀ ọ́n ní oníṣòwò, àti nọ́mbà IFU, tí ọ́fíìsì owó-orí fi ń dá a mọ̀. Òfin 2017-20, ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, fẹ́ kí ẹni tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ kí oníbàárà mọ ẹni tí òun jẹ́ àti ibi tí òun wà. Òun náà ti kọ wọ́n sí ojú-ewé ọjà rẹ̀. Ohun tí kò ní ni ìwé àkọsílẹ̀.

A jókòó, a ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ owó inú fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. A rí 250.000 tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Gàbọ́ọ̀nù kí wọ́n fi kan páánù ilé ìyá wọn. Owó ẹbí ni èyí, kì í ṣe owó ọjà. A yọ ọ́ kúrò, ó ku 1.200.000. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè bóyá gbogbo ọṣẹ rẹ̀ ni wọ́n ń fi fóònù san owó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: ó ti ta ti 300.000 lówó ọwọ́, kò sì kà á mọ́ ọn. Nítorí náà, 1.500.000 ni owó ọjà rẹ̀ lọ́dún: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọṣẹ, 500 sẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibí ni ó ti ṣe àṣìṣe kejì. Èrè rẹ̀ kò ju 300.000 lọ, ó sì rò pé lórí èrè ni owó-orí wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọdún 2022, owó-orí tí wọ́n ń pè ní TPS, tó wà fún àwọn tí owó ọjà wọn lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 50 lọ, jẹ́ sẹ́fà 5 nínú 100 gbogbo owó tí wọ́n tà. Kò gbọdọ̀ dín sí 10.000, a sì máa ń fi 4.000 ti rédíò àti tẹlifíṣàn ìjọba kún un. Tirẹ̀ jẹ́ 75.000, pẹ̀lú 4.000, ó di 79.000. Ó ju ìdá mẹ́rin èrè rẹ̀ lọ.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo sọ fún un pé sẹ́fà 25 nínú 500 tí ó ń gbà lórí ọṣẹ kan kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Kí ó máa yà á sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí ó bá tà á. Bí ó bá sì ti fi owó páánù kún owó ọjà, 12.500 ni ì bá san lásán.

Òfin Òháda tí wọ́n ṣe ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2010 ti sọ irú ìwé tí oníṣòwò kékeré yẹ kí ó ní: kí ó máa kọ owó tó wọlé, ibi tó ti wá, owó tó jáde àti ohun tí ó bá a lọ, ní ọjọ́ọjọ́, kí ó sì ya owó ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gba ọ̀nà mìíràn. A fa ìlà sínú ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan báyìí:

Ọjọ́ 4: ọṣẹ 20, Kútọnu, fóònù, wọlé 10.000.
Ọjọ́ 5: àdí, owó ọwọ́, jáde 6.000.
Ọjọ́ 7: ọṣẹ 2 tó fọ́ lọ́nà, fóònù, dá padà 1.000.

Ìlà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí a kò bá kọ owó tí a dá padà, ọjà tí a kò tà yóò wà nínú ìṣirò. Ní òpin oṣù, kí ó ro àpapọ̀ owó fóònù inú ìwé, kí ó fi wé àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, kí ó wá ìdí rẹ̀ kí oṣù tuntun tó wọlé, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ṣì wà lórí, ti ọdún tó kọjá ti lọ. Ìwé rìsíìtì tí òfin fẹ́ kí ó fún oníbàárà, ó lè ṣe é lórí e-MECeF láìra ẹ̀rọ kankan. Òun náà gbọ́dọ̀ bá ìwé yìí mu. Kí ó sì tọ́jú gbogbo rẹ̀ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán.

Ó ṣe ìkéde rẹ̀ kí ọjọ́ 30 oṣù kẹrin tó pé. Lẹ́yìn náà ni ó ra káàdì fóònù kejì. Orí ti àkọ́kọ́ ni owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wọ̀. Orí ti kejì, owó ọṣẹ nìkan.