Eruku Ẹnubodè Ọ̀yọ́-Ilé: Ìran Ìṣẹ́jú-àáyá 8 Tí Mo Kọ Àṣẹ Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń darí fíìmù fẹ́ ṣe eré ìtàn nípa Ọ̀yọ́-Ilé. Kò ní owó tí yóò fi mọ odi, kò sì ní owó tí yóò fi wọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn láṣọ. Ó pinnu pé ẹ̀rọ òye àtọwọ́dá tí ń sọ ọ̀rọ̀ di fídíò ni kí ó ya ìran tí yóò ṣí eré náà, kí òun lè fi han ẹni tí ó ṣèlérí láti náwó sí i. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni ó ní kí n kọ àṣẹ tí a óò tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ìran náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 8 lọ, owó tí a sì san kò tó ju ìgbìyànjú 12 lọ.

Mo fi àkọ́kọ́ ṣòfò. Ohun tí mo tẹ̀ ni `ancient walled kingdom, period costume, dust`. Ẹ̀yin òǹkàwé, odi òkúta ni ẹ̀rọ gbé jáde, tí orí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi bí eyín. Iyanrìn aṣálẹ̀ tẹ́ lọ salalu níwájú rẹ̀, àwọn obìnrin ró aṣọ Àǹkárá, àwọn ọkùnrin sì de awọ ẹran mọ́ àyà. Bí ènìyàn kò bá mọ̀, yóò pàtẹ́wọ́. Àìmọye àwòrán ni ẹ̀rọ náà ti fi kẹ́kọ̀ọ́, àwọn ilé olódi ti Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí a kọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí lára. Orúkọ nǹkan ni mo pè fún un; n kò sọ ohun tí ojú rí.

Ta ni ó wá fi ojú rí i? Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Skọ́tíláǹdì, wọ Ọ̀yọ́-Ilé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ ni, gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 20 ẹsẹ̀ bàtà, yàrà gbígbẹ yí i ká, igbó dídí sì yí odi náà ká. Ó ní ẹnubodè 10 ni ó wà lára rẹ̀, àyíká odi náà sì tó máìlì 15. Inú yàrà tí a gbẹ́ ni a ti máa ń kó erùpẹ̀ tí a fi ń mọ irú odi bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọ̀ odi àti àwọ̀ ilẹ̀ kì í yàtọ̀ síra. Gbólóhùn kan yìí ni ó tún iṣẹ́ mi ṣe jù lọ. Nígbà tí mo kọ ọ́ pé odi náà àti ọ̀nà jẹ́ erùpẹ̀ kan náà, tí òjò ọdún púpọ̀ ti fa ìlà sí i lára, òkúta pòórá. Ṣáájú ìgbà náà, mo ti kọ `no stone walls`, òkúta sì tún pọ̀ sí i! Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń di ọ̀rọ̀ `stone` mú, kí ó sì gbójú fo `no`. Ohun tí a fẹ́ rí ni kí a sọ, kí a fi ohun tí a kò fẹ́ sílẹ̀ láìdárúkọ.

Ti eruku ni ó gbà mí lákòókò jù. Ìrẹlẹ̀-Èkìtì ni mò ń gbé, ìgbà ọyẹ́ sì ni iṣẹ́ yìí bọ́ sí, nítorí náà mo gbé àga síta, mo sì ń wo ọ̀nà. Eruku méjì ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni ti ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó funfun bí eérú, ó kúnná, kì í sì í tètè balẹ̀. Òun ni ó ń sọ oòrùn di àwo funfun, tí ó sì ń mú kí òjìji ènìyàn ṣe bàìbàì. Èkejì ni ti ilẹ̀ wa, ó pupa, ó wúwo díẹ̀, ẹsẹ̀ ni ó ń gbé e dìde. Bí ẹni tí ń rìn bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í sábà ga ju kókósẹ̀ lọ, ó sì ń balẹ̀ kí ẹsẹ̀ kejì tó dé. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú ń rí i dáadáa. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹni tí ń wò ó, díẹ̀ ni a ó rí. Ẹ̀rọ tí a bá kàn sọ `dust` fún yóò da méjèèjì pọ̀ di èéfín aláwọ̀ ọsàn kan, bí ẹni pé ilé ń jó.

Mo lọ bá ìyá kan tí ó ń hunṣọ nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n ohun tí mo lè fi dá agbádá àtijọ́ mọ̀ lójú fídíò.

“Wo ojú ìránpọ̀ rẹ̀, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Òfì àwọn ọkùnrin kì í fẹ̀. Pẹlẹbẹ tóóró tóóró ni, a ó wá rán wọn mọ́ra. Bí o bá rí agbádá tí ó lọ gbọọrọ láìní ojú ìránpọ̀, ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni ó ti wá.”

“Kíjìpá tiwa ńkọ́, Mà á?”

“Ìyẹn fẹ̀ ní tirẹ̀. Òfì tí a gbé nàró ni àwa obìnrin fi ń hun ún.”

Nítorí náà mo pa `period costume` rẹ́. Àǹkárá kò tí ì dé ọjà wa ní 1826, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ó ru ẹrù kì í wọ agbádá. Mo wá yan ẹrù tí yóò sọ ìtàn láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu, ìyẹn koríko bẹẹrẹ, tí àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ máa ń gbé wá fún Aláàfin ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti fi bo ààfin. Yorùbá ni mo kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kí n tó túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ:

> Òwúrọ̀ ìgbà ọyẹ́. Kámẹ́rà wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́fà tí ń rìn lọ sí ẹnubodè. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjá orí wọn, kò yà sí ibì kankan. Wọ́n ru ìdì koríko gbígbẹ. Aṣọ wọn jẹ́ òwú tí a fọwọ́ hun, aláró tó ti ṣá àti funfun, ojú ìránpọ̀ rẹ̀ hàn, eruku pupa wà létí rẹ̀. Yàrà gbígbẹ wà níwájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni odi erùpẹ̀ tí gíga rẹ̀ tó ènìyàn mẹ́ta àti ààbọ̀, àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ọ̀nà. Oòrùn funfun wà lẹ́yìn odi, òjìji ṣe bàìbàì. Eruku pupa ń dìde ní kókósẹ̀ nìkan.

Ẹ ó rí i pé ìrìn kan ṣoṣo ni kámẹ́rà rìn. Nígbà tí mo ní kí ó gòkè kí ó sì tún yí po, ẹnubodè di méjì lójú wa. Ẹ ó sì rí i pé n kò kọ iye ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ó mọ bí ènìyàn ṣe ga tó.

Ìgbìyànjú kẹsàn-án dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rẹ́ mi fò sókè. Mo ní kí ó jẹ́ kí a dín ìyára rẹ̀ kù, kí a wo ẹsẹ̀ wọn. Eruku ń dìde kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ogun. Mo fi kún un pé ìṣísẹ̀ wọn kò bára mu, pé àgbàlagbà kan ń tiro lẹ́yìn. Ìkọkànlá ni a mú. Aṣọ rẹ̀ kò pé: lára ọkùnrin kan, ojú ìránpọ̀ rìn láti èjìká lọ sí ẹ̀yìn bí kòkòrò, a kò sì rí ọ̀rọ̀ tí yóò dá a dúró. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kẹfà, ìdì bẹẹrẹ orí obìnrin àárín pòórá. Ọ̀rẹ́ mi gé fídíò náà sí márùn-ún, ibi tí odi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí ẹrù wọn, ó sì fi ìgbìyànjú kejìlá pamọ́ fún inú ààfin.