Iyọ̀ Tí Ooru Yọ́ àti Omi Iyọ̀: Ìbéèrè Mẹ́rin lórí Ìfinátú

Nínú ìbéèrè ìdánwò lórí ìfinátú, ìyẹn ni fífi iná mànàmáná tú àkópọ̀ kẹ́míkà sí àwọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo lè sọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà di èyí tí kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà ni 'yọ́'. A máa ń sọ pé òrí yọ́ nínú oòrùn. A sì tún máa ń sọ pé iyọ̀ yọ́ sínú ọbẹ̀. Èyí kò dí alásè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́míkà lọ́nà. 'Yòrò' pàápàá kò yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìtumọ̀ méjèèjì ni òun náà ní. Nítorí náà, a ó pe ti àkọ́kọ́ ní 'iyọ̀ tí ooru yọ́', a ó sì pe èkejì ní 'omi iyọ̀'. A kò lo 'iyọ̀ tí iná yọ́', kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iná mànàmáná ni ó yọ́ ọ.

Kátóòdù ni ọ̀pá tí a so mọ́ ojú bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. Ánóòdù ni èyí tí a so mọ́ ojú tí ó ní àmì àròpọ̀. Ní kátóòdù ni a ti ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ní ánóòdù ni a ti ń fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: A ki ọ̀pá kábọ́ọ̀nù méjì bọ sódíọ̀mù kiloráídì tí ooru yọ́. Kí ni yóò jáde ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan?

Áyọ́nù méjì péré ni ó wà níbẹ̀, nítorí náà kò sí ìdíje. Sódíọ̀mù yóò jáde ní kátóòdù, kilorínì yóò sì jáde ní ánóòdù:

Na⁺ + e⁻ → Na
2Cl⁻ → Cl₂ + 2e⁻

Iyọ̀ yìí kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé 801°C. Nítorí èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń po kálísíọ̀mù kiloráídì mọ́ ọn, kí ó lè yọ́ ní nǹkan bí 600°C. Wọ́n sì ń fi àwọ̀n dá ọ̀nà ohun méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé bí wọ́n bá pàdé, wọn yóò tún di iyọ̀.

Ìbéèrè kejì: Bí ó bá jẹ́ omi iyọ̀ tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ gidigidi ńkọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tún 'sódíọ̀mù' kọ. Wọ́n gbàgbé pé omi fúnra rẹ̀ ti di olùdíje. Ó rọrùn púpọ̀ fún omi láti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ju áyọ́nù sódíọ̀mù lọ:

2H₂O + 2e⁻ → H₂ + 2OH⁻

Haidirójìn ni yóò jáde ní kátóòdù. Àwọn olùkọ́ kan a máa sọ pé sódíọ̀mù kọ́kọ́ jáde ni, kí ó tó bá omi jà. Àlàyé yìí kò tọ̀nà. Sódíọ̀mù kò jáde rárá. Sódíọ̀mù háídírọ́síàìdì ni yóò kù nínú omi, bébà lítímọ́ọ̀sì pupa yóò sì di aláwọ̀ aró lẹ́bàá kátóòdù.

Kilorínì ni yóò jáde ní ánóòdù. Èyí lè ya ẹni tí ó bá wo ìwé ìwọ̀n lẹ́nu: 1.23 fóòtì ni ti ọ́síjìn inú omi, 1.36 fóòtì sì ni ti kilorínì, bí ẹni pé ọ́síjìn ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn a máa lọ́ra láti jáde lórí ọ̀pá kábọ́ọ̀nù, pípọ̀ áyọ́nù kilorínì sì ń ran kilorínì lọ́wọ́.

Ìbéèrè kẹta: Bí omi iyọ̀ náà bá fẹ́lẹ́ ńkọ́?

Haidirójìn kò yí padà. Ní ánóòdù, ọ́síjìn ni yóò pọ̀ jù, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú kilorínì lè bá a jáde. Kò sí ààlà kan pàtó tí ọ̀kan ti dáwọ́ dúró tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ 'omi iyọ̀' lásán sínú ìwé ìdánwò, tí kò sọ bí iyọ̀ ti pọ̀ tó, kò béèrè ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Bébà lítímọ́ọ̀sì tútù tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣí pátápátá ń fi kilorínì hàn. Igi tí ó ń jó wọ́ọ́wọ́ọ́ tí ó bá tún gbiná ń fi ọ́síjìn hàn.

Ìbéèrè kẹrin: Omi bàbà sọ́lífétì ni a lò. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín ọ̀pá kábọ́ọ̀nù àti ọ̀pá bàbà?

Bàbà rọrùn láti jáde ju haidirójìn lọ, nítorí náà bàbà pupa ni yóò lẹ̀ mọ́ kátóòdù nínú méjèèjì. Ánóòdù ni ìyàtọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ọ́síjìn yóò jáde níbẹ̀, àwọ̀ aró inú omi yóò máa ṣí, omi náà yóò sì di kíkan. Bí ó bá jẹ́ bàbà, gáàsì kankan kò ní jáde. Ọ̀pá náà ni yóò máa jẹ lọ sínú omi:

Cu → Cu²⁺ + 2e⁻

Iye bàbà tí ó kúrò lára ánóòdù ni yóò lẹ̀ mọ́ kátóòdù, nítorí náà àwọ̀ omi kò ní yí padà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi omi fọ ọ̀pá méjèèjì, tí ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ, tí ó sì wọ̀n wọ́n, ohun tí ọ̀kan pàdánù yóò súnmọ́ ohun tí èkejì jèrè. Bí èrè bá kéré púpọ̀ sí àdánù, ó ṣeé ṣe kí bàbà ti re bọ́ lára kátóòdù nígbà fífọ̀.