Iṣẹ́ Tí Dókítà Ọkàn Fi Rán Dókítà Ìdílé

Bí wọ́n bá rí i nílé ìwòsàn ńlá pé àárẹ̀ ọkàn ló ń ṣe èèyàn, dókítà ọkàn máa ń kọ lẹ́tà sí dókítà ìdílé ẹni náà, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìtọ́jú tó kù wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá oníṣòwò kan, ẹni ọdún 58, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ kì í lo oògùn déédéé. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì lè sùn àfi tó bá to ìrọ̀rí mẹ́ta léra. Lẹ́tà náà kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ọkàn fi hàn: nígbàkígbà tí ọkàn ìyá yìí bá lù, ìdá 30 péré nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tó kún yàrá ńlá apá òsì ló ń tú jáde. Ti ọkàn tó le koko máa ń lé ní 50. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì ń fa àárẹ̀ ọkàn jù ní Nàìjíríà.

Oògùn márùn-ún ló tẹ̀ lé e. Fúrósẹmáàdì ń lé omi jáde lára kí èémí lè já gaara. Mẹ́rin yòókù, lisinópírílì, bisopírólóòlù, sipirónólákítóònù àti dapagilifilósíìnì, ló ń ran ọkàn fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń fi kún ẹ̀mí.

Ibi tí lẹ́tà ti wúlò jù nìyí: bisopírólóòlù mílígíráàmù 1.25 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe òpin. Dókítà ìdílé yóò máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì díẹ̀díẹ̀, ó kéré tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, títí dé 10, bí ìfúnpá àti ìlù ọkàn bá gbà á. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fi kún un, aláìsàn lè máa lo ìwọ̀n kékeré yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí oògùn má sì ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ.

Lisinópírílì àti sipirónólákítóònù sì máa ń jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀táṣíọ̀mù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ó lè dá ọkàn dúró lójijì láìjẹ́ pé ara ti sọ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Tó bá lé ní 5.5, kí wọ́n dín sipirónólákítóònù kù sí ìdajì. Tó bá lé ní 6, kí wọ́n dá a dúró.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà yín. Ẹ má ra dikilofẹ́náàkì tàbí aibuprófẹ̀nì fún ara ríro. Ẹ máa wọn ara yín láràárọ̀. Bí ẹ bá fi kílò méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ti ń padà wá nìyẹn, ẹ tètè lọ rí dókítà.