Ẹja Gbígbẹ Ló Ń Ṣáájú, Edé A Tẹ̀ Lé E

Ẹja àrọ̀ tí wọ́n ká bí òrùka, tí wọ́n fi igi gún ìrù rẹ̀ mọ́ orí, ti rìn jìnnà kó tó dé orí àtẹ. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Mákòkó, létí ọ̀sà Èkó, a máa tò ó sórí wáyà lókè iná igi títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Láti ibẹ̀ ló ti ń wọ agbọ̀n, tó ń wọ ọkọ̀. Iyanrìn ń bá a rìn, eruku ń bá a rìn, kòkòrò dúdú kékeré tó ń yé ẹyin sára ẹja gbígbẹ náà sì lè bá a délé.

Ká ní ẹnì kan fẹ́ ro ẹfọ́ ṣọkọ fún ènìyàn mẹ́fà, tó ra ẹja àrọ̀ gbígbẹ 3. Kó kọ́kọ́ gbọ̀n wọ́n sórí abọ́ funfun. Bí ìyẹ̀fun bá ń dà jáde lára ọ̀kan, tàbí tí ìdin ń jáde níkùn rẹ̀, kó sọ ọ́ nù, nítorí ẹran tí kòkòrò ti jẹ kù ni ìyẹ̀fun yẹn. Kó rẹ àwọn tó dára sínú omi gbígbóná oníyọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5. Awọ yóò rọ̀, ìdọ̀tí yóò sì tú. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, adùn ẹja ni yóò máa wọ inú omi tí wọ́n fẹ́ dà nù. Lẹ́yìn náà ni yóò la ikùn, yóò yọ ìfun tó ti gbẹ síbẹ̀ àti eegun àárín, yóò tú inú orí wò dáadáa, yóò sì fi omi tútù ṣan án títí omi yóò fi mọ́.

Edé kò gba irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú omi. Èyí tí wọ́n ti gún kò ṣeé fọ̀ mọ́, nítorí náà odindi ló yẹ ní rírà. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á dà á sínú omi tútù, wọ́n á rò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì fi ọwọ́ kó o jáde kíákíá. Ẹni tó bá da abọ́ náà dé orí asẹ́ ti da iyanrìn tó rọ̀ sísàlẹ̀ padà sórí edé. Kí wọ́n sá a gbẹ kí wọ́n tó gún un.

Ìgbà tí kálukú ń wọ ìkòkò ló kù. Nígbà tí ata àti irú bá ti dín dáadáa nínú epo, kí alásè bu omi ẹran ife 1 sí i, kó to ẹja sí i, kó dé e, kó sì jẹ́ kí iná rọra jó fún bí ìṣẹ́jú 15. Ẹja tó le bí igi lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti tó nígbà tí ṣíbí bá tẹ̀ ẹ́ tó fẹ́ ṣí, àmọ́ tí kò fọ́. Láti ìgbà yẹn, ìkòkò ni kó máa gbọ̀n, kó má fi ṣíbí rò ó mọ́, kí eegun má baà fọ́n káàkiri.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹja àti ẹfọ́ wọlé pọ̀. Ẹja yóò le bí awọ, ẹfọ́ tó ń dúró dè é yóò sì dúdú, yóò ṣomi.

Edé gígún, ṣíbí ìjẹun 2, ń wọlé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 kí ẹfọ́ tó dé. Bó bá wọ inú epo gbígbóná ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò jó, yóò sì korò. Bó bá sì pẹ́ lórí iná, òórùn dídùn rẹ̀ á bá ooru lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ó fún omi ara ẹfọ́ dànù, tí wọ́n ó dà á sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìdé ìkòkò. Kí alásè tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́yìn edé kó tó fi iyọ̀ kún un, nítorí iyọ̀ ti wà lára edé àti ẹja kí wọ́n tó dé ilé ìdáná.