Bí A Ṣe Ń Fi Àtẹ̀jíṣẹ́ Bẹ Olùkọ́ Fásitì Kó Jẹ́rìí Síni

Bí ẹni tó ń wáṣẹ́ bá ti kọ fọ́ọ̀mù dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń béèrè orúkọ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n dáadáa tí wọn kì í sì í ṣe ẹbí rẹ̀. Wọ́n á ní kó kọ ipò wọn, nọ́ńbà fóònù wọn àti ímeèlì wọn. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí yóò kọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ lè má ní ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n pẹ́, olùkọ́ tó kọ́ ọ ní fásitì ló sábà máa ń nàka sí. Nígbà kan, yóò wọkọ̀ padà sí ilé ẹ̀kọ́, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì títí olùkọ́ á fi dé láti kíláàsì. Lónìí, orí Wásáàpù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń parí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní nǹkan kan nínú ju "Ẹ káàárọ̀ sà" lọ. Ọmọ tó kọ ọ́ kò ṣe é pẹ̀lú àìmọ̀wàáhù. Wọ́n kọ́ ọ nílé pé a kì í dédé já lu àgbà, ó fẹ́ kí àgbà dáhùn kìíní kó tó sọ ohun tó bá wá. Lójúkojú, bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ olùkọ́: nọ́ńbà tí kò sí lórí fóònù rẹ̀ ló ń kí i, kò sí orúkọ níbẹ̀, ó sì ti gbọ́ lọ́tùn-ún lósì nípa àwọn tó ń gba Wásáàpù oníwàásáàpù tí wọ́n á sì fi máa tọrọ owó kiri. Bí kò bá ka ẹni náà kún gbájúẹ̀, yóò ní òun á dáhùn tó bá yá. Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá. Fọ́ọ̀mù á tì.

Nítorí náà, kí ìkíni àti ìbéèrè wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìkíni ìlà kan tó, kò gbọdọ̀ sọnù, ṣùgbọ́n kí orúkọ ẹni tó ń kí i tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀.

Kí a tó kọ ọ́ rárá, ta ni a fẹ́ bẹ̀? Ọ̀pọ̀ máa ń sáré sọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tí orúkọ rẹ̀ ròkè jù ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn, ẹni tó jẹ́ pé ó kọ́ igba akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn kan, tí kò sì mọ ojú ìkankan nínú wọn. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ kọ? Yóò kọ pé ọmọ náà kàwé lọ́dọ̀ àwọn, pé ó jẹ́ ọmọlúàbí. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ti ka irú rẹ̀ rí, kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Olùkọ́ kékeré tó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ọmọ náà ló wúlò jù, nítorí ó rí i nígbà tí iṣẹ́ le, ó mọ̀ bóyá ó máa ń dé lásìkò, ó mọ̀ bóyá ó lè gba àtúnṣe láìbínú. Mo gbà gbọ́ gidigidi pé ohun tí ẹlẹ́rìí fojú rí ló ṣe pàtàkì, oyè rẹ̀ kò tó o.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Àdùkẹ́. Ó ka ìmọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, ó jáde lọ́dún 2019, ó sì ti lọ́kọ láti ìgbà náà. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ ọmọdé ń wá ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò wọn, wọ́n sì ní kó mú orúkọ ẹnì kan wá láti ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló yàn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wo ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ náà, ibẹ̀ ló ti rí i pé Dókítà àtijọ́ ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí kò bá wò ó ni, ìlà àkọ́kọ́ ni ì bá ti kọsẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ rèé:

"Ẹ káàárọ̀ sà, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àdùkẹ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ yín tó jáde lọ́dún 2019. Ẹ̀yin lẹ bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí ògì tí wọ́n ń tà ní ọjà mẹ́ta n'Íbàdàn. Mo ń wá iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ ọmọdé, wọ́n sì ń fẹ́ olùkọ́ kan tó lè sọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ lè bá mi jẹ́rìí sà? Ímeèlì ni wọ́n máa fi kàn sí yín, ọjọ́ 28 oṣù yìí sì ni gbèdéke wọn. Bí ọwọ́ yín bá dí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi, yóò yé mi. Ẹ ṣeun sà."

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, síbẹ̀ olùkọ́ lè dáhùn láì tún béèrè ohunkóhun. Ó mọ ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́, ó mọ iṣẹ́ tó jẹ́, ó mọ ọ̀nà tí ìbéèrè yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Ọ̀rọ̀ ògì yẹn ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ọdún àti orúkọ lásán lè má rán an létí ẹnikẹ́ni, nítorí ọmọ tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti ìgbà náà kò níye, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa ń gbé ike ògì wọ yàrá àyẹ̀wò láàárọ̀, ìyẹn yóò padà sí i lọ́kàn. Ohun kan péré tí olùkọ́ fojú ara rẹ̀ rí ni kí a fi rán an létí.

Gbólóhùn tó fi àyè sílẹ̀ fún "rárá" náà kì í ṣe àfikún ẹ̀sọ́. Àgbà Yorùbá kì í fẹ́ kọ ẹ̀bẹ̀ ọmọdé lójú, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ tó kọ́ rí. Bí a kò bá ṣí ilẹ̀kùn fún un, yóò ní "ó dáa", yóò sì gbàgbé, tàbí kó kọ ìlà méjì tí kò nítumọ̀ ránṣẹ́. Kí ó kọ̀ ní kùtù sàn fún Àdùkẹ́ ju kí ó gbà tàìfẹ́inú lọ. Èsì tó dùn mọ́ni ni èyí tó ń béèrè nǹkan: "Fi iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí o ṣe ránṣẹ́ sí mi." "A ó máa wò ó" kì í ṣe bẹ́ẹ̀ni. Kí ó wá ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Ó tún dára kí àtẹ̀jíṣẹ́ fi hàn kedere pé ẹ̀rí ni a ń tọrọ, kì í ṣe ìdúró. Àwọn iléeṣẹ́ kan, àti báńkì pàápàá, máa ń béèrè onídùúró lọ́tọ̀, ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé pé bí ẹni tí wọ́n gbà bá kówó sá lọ, òun ni kí wọ́n mú. Olùkọ́ tó bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ lè rò pé ìyẹn ni wọ́n ń wá, ẹ̀rù á bà á, yóò sì dákẹ́. Àdùkẹ́ bọ́ nínú èyí nígbà tó sọ pé ẹni tó lè sọ bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fẹ́.

Àsìkò tí a fi ránṣẹ́ náà ń ṣe nǹkan. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbèdéke kò pọ̀ jù, nítorí olùkọ́ lè wà lẹ́nu ìwé ìdánwò tó ń máàkì. Kí ó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ní ọwọ́ ìyálẹ̀ta. Kì í ṣe aago mọ́kànlá òru, kì í ṣe àkókò Jímọ́ọ̀ tàbí àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bí àmì méjèèjì bá ti di búlúù tí kò sì sí èsì, kí a fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ká wá rán an létí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbólóhùn kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ká lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Káàdì ìpè tàbí détà tí àwọn kan ń fi ránṣẹ́ mọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ó ń sọ ẹ̀rí di ohun tí a rà.

Nígbà tí olùkọ́ bá gbà ni a tó lè kọ orúkọ rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Àwọn tó ń kọ ọ́ kí wọ́n tó bèèrè kò níye, ibi tí àṣírí sì ti ń tú ni ọjọ́ tí iléeṣẹ́ bá pe olùkọ́ lójijì. Yóò ní, "Ta ni yẹn?" Iṣẹ́ náà lè tibẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí ó gbà, nǹkan mẹ́ta ló kù tí Àdùkẹ́ fi ránṣẹ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kejì. Èkíní ni orúkọ bàbá rẹ̀ tó ń jẹ́ nígbà tó wà nílé ìwé àti orúkọ ọkọ rẹ̀ tó wà lórí fọ́ọ̀mù báyìí, pẹ̀lú nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀, nítorí bí olùkọ́ bá fi orúkọ tí ó mọ̀ ọ́n sí jẹ́rìí, iléeṣẹ́ lè rò pé ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èkejì ni ojú ìwé kan péré tó sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ àti ohun tó ti ṣe láti ọdún 2019. Ẹ̀kẹta, ó béèrè ímeèlì ilé ẹ̀kọ́, èyí tó parí sí `.edu.ng`. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan, pàápàá jù lọ ní Britain, kì í fẹ́ ímeèlì tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, nítorí wọn kò lè mọ̀ bóyá olùwáṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá fún olùkọ́ ní irú rẹ̀, tàbí tí kì í ṣiṣẹ́, kí olùwáṣẹ́ sọ ọ́ fún iléeṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ó sì lè jẹ́ pé èsì olùkọ́ ni, "Kọ ọ́ wá, kí n fọwọ́ sí i." Ó wọ́pọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó kọ ìyìn ara rẹ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró, bí iléeṣẹ́ bá sì fóònù olùkọ́, kò ní lè sọ ohun tó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ fásitì ló ń wá, ó tún burú sí i, nítorí ìkéde wọn sábà máa ń sọ pé kí àwọn ẹlẹ́rìí fi ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́ tààrà sí akọ̀wé àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà ní bòókẹ́lẹ́. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ó kọ òótọ́ nìkan ránṣẹ́, bí ọjọ́, máàkì àti iṣẹ́ tó ṣe, kó sì ní, "Ìwọ̀nyí ló lè ràn yín lọ́wọ́ sà, ìdájọ́ rẹ̀ di ọwọ́ yín."

Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kù, kí ó bi iléeṣẹ́ bóyá wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ olùkọ́ gbà kó tó yọ olùkọ́ lẹ́nu. Lọ́pọ̀ ìgbà, ímeèlì wọn ti dé, inú àpótí tí wọ́n kọ `Spam` sí ló wà, olùkọ́ kò rí i rárá. Kí ó fi orúkọ iléeṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ fún un, yóò mọ ohun tí yóò wá níbẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá sì bọ́ sí i, tàbí kò bọ́ sí i, kí ó jẹ́ kí olùkọ́ gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí iṣẹ́ mìíràn bá yọjú lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó tún béèrè lákọ̀tun: ìyọ̀ǹda tó gbà lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò kan èkejì.